Aago Iná Ìyá Tẹjú

Láti ọjọ́ tí Àjàmú ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná ní iléeṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, ó lè lo odindi ọjọ́ méjì kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò sì bímọ. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ń gbé ní Jakande. Ìyá Tẹjú ló wà lókè orí rẹ̀, arúgbó tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ọ́síjìn ló fi ń mí. Tẹjú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nẹ́pà mú iná lọ. Àjàmú gbọ́ gbì! lókè. Ó sáré gun àtẹ̀gùn, ó sì bá ìyá náà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà sí ṣeńjóófà ara ògiri, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí kí ilé lè bọ́ sórí ìnfátà tó ń fi bátìrì gbé iná. Àjàmú yí i. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni," ni ìyá náà wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Mi ò lè rìn ín mọ́, Àjàmú."

"Mọ̀mí, a ó ṣe èyí tó ń yí ara rẹ̀."

Tẹjú gbọ́, ó pe Àjàmú lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá wa fi rìlé kékeré kan, èyí tí iná fúnra rẹ̀ ń yí, so ó kíákíá."

"Kò sí kíákíá níbẹ̀," ni Àjàmú dáhùn. Nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, Ọlátúbọ̀sún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lórí òpó tí wọ́n sọ pé iná ti kúrò lára rẹ̀, nígbà tí ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀ láìgé ilé rẹ̀ kúrò lára Nẹ́pà. Iná náà gba inú wáyà lọ bá a lókè, ó sì pa á.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó wá kọ́ńtátọ̀ méjì, ṣeńjóófà ńlá tí iná ń tì fúnra rẹ̀, tí agbára wọn ju iná tí ilé náà ń lò lọ, ọ̀kan fún Nẹ́pà, ọ̀kan fún ìnfátà. Wáyà tó ń jí ọ̀kan gba ara èkejì kọjá, irin kékeré kan sì dábùú àárín wọn, kí méjèèjì má baà wọlé pọ̀ láéláé. Ó fi táímà sí i: bí Nẹ́pà bá lọ, ilé yóò bọ́ sórí ìnfátà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ó bá dé, táímà yóò dúró ìdajì ìṣẹ́jú, kí iná tó ń ṣe ségesège lè fìdí múlẹ̀ ná. Rìlé kékeré kan ló fi ṣọ́ Nẹ́pà. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, rìlé á fa ojú wáyà aago kan ya. Bí iná bá lọ, ojú náà á padà pàdé, aago tó ń jẹ bátìrì á sì dún. Wáyà aago yìí ló fà lọ sí yàrá tirẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tiẹ̀, kò jẹ́ kó kan wáyà iná ńlá.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé àpótí irin tó kó gbogbo rẹ̀ sí lọ sára ògiri, ó kọ́kọ́ gbé ìyá náà sórí àgbá ọ́síjìn tí kò ń lo iná, ó pa ìnfátà, ó sọ bíréékà kalẹ̀, ó fi àgádágodo sí i. Ó lọ fi tẹ́sítà rẹ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá tirẹ̀ kó lè dá a lójú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó padà wá fi kan wáyà tó yẹ kó ti kú. Tẹ́sítà tàn.

"Mọ̀mí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o!"

Ẹni tó ṣe wáyà ilé náà tẹ́lẹ̀ ti fi bíréékà sára wáyà tí iná ń gbà padà, ó fi èyí tí iná ń gbà wọlé sílẹ̀. Ká ní Àjàmú gba bíréékà gbọ́ ni! Ó jókòó sílẹ̀, ó ń làágùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ fíúsì ilé náà lẹ́bàá mítà, ó tún dán wáyà wò, tẹ́sítà kò tàn. Ó gbé bíréékà sára wáyà tó yẹ, ó so àpótí irin náà mọ́ wáyà ilẹ̀, ó pa á dé.

Nígbà tó dá iná padà tó sì sọ bíréékà Nẹ́pà kalẹ̀ láti dán an wò, kọ́ńtátọ̀ dún káà, ẹ̀rọ ọ́síjìn dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún ń kùn. Aago ń dún nísàlẹ̀. Ìyá Tẹjú pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Láti ìgbà náà, bí aago bá ti dún, Àjàmú á gòkè lọ wò ó. Ìyá á bu ẹ̀pà fún un, wọn á sọ̀rọ̀ títí iná á fi dé. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ní Tẹjú ń dúpẹ́. "Ó ní kí n má dà yín láàmú mọ́, pé ó ti ń yí ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ̀yin náà. Ìgbà wo ló tún yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Àjàmú lè dáhùn pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, kó lè máa wá. Ó wo àpótí náà.

"Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, Mọ̀mí. Láti fún àwọn síkúrúù wáyà rẹ̀ le, àti láti pààrọ̀ bátìrì aago."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á san án fún yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, aago dún. Àjàmú dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Lókè, ẹ̀rọ náà ń kùn geere. Ó padà wá jókòó sórí àga rẹ̀.