Ilẹ̀ Ni Òròmọdìẹ Wà

Wọ́n ní ọwọ́ mi kò dára fún ohun ọ̀sìn. Gbogbo agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ ló gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn òròmọdìẹ tí mo kọ́kọ́ sìn kú tán kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Nígbà tí mo ní mo máa tún sin àwọn mìíràn, baálé ilé sọ lójú gbogbo ẹbí pé bí èyí náà bá kú, kí n kó kúrò nínú yàrá tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí mò ń sìn wọ́n sí, kí wọ́n máa kó ẹrù síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ á mọ̀. Inú yàrá yẹn ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì ní í fi sílẹ̀ fún àpò sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní oko adìẹ ńlá kan, ni ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ló ra tẹmọ́mítà tí a fi ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, láti ìgbà tí mo ti ń sin ti àkọ́kọ́. Àwọn náà ló kan ìṣó mọ́ ògiri, wọ́n sì gbé tẹmọ́mítà náà kọ́ síbẹ̀ ní ìwọ̀n ojú wọn, kí wọ́n lè máa kà á láì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ooru wà láàárín dígírì méjìlélọ́gbọ̀n sí márùndínlógójì, kí n sì máa dín nǹkan bíi mẹ́ta kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò bá wọn jiyàn lórí iye rí.

Ọyẹ́ ń fẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òròmọdìẹ tuntun dé. Mo ti gbé ìkòkò èédú méjì kalẹ̀ ṣáájú kí yàrá lè gbóná, mo sì ṣí òkè fèrèsé sílẹ̀ kí èéfín máa rí ọ̀nà jáde. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni tẹmọ́mítà wí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni wọ́n sáré lọ, wọ́n ń gun ara wọn lórí, igbe wọn sì ń han gooro létí. Mo mọ igbe náà. Òun náà ni àwọn ti àkọ́kọ́ ké títí wọ́n fi kú, tí a ń sọ pé oúnjẹ ni wọ́n ń bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù ń mú wọn."

"Òtútù wo? O ò rí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lára ògiri ni?"

"Mo rí i, sà. Ṣé ara ògiri ni wọ́n ń gbé ni?"

Ojú wọn pọ́n. "Ṣé ìwọ ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Mo yọ tẹmọ́mítà kúrò lára ìṣó, mo so okùn mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ títí tó fi bá ẹ̀yìn òròmọdìẹ dọ́gba. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òkè ni ooru ń lọ, ilẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wà. Mo gbé ìkòkò kẹta wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká: àwọn kan ń jẹ, àwọn kan ń mu omi, àwọn kan na ẹsẹ̀, wọ́n sùn. Igbe wọn di ohùn jẹ́jẹ́. Mo bú sẹ́kún, mi ò sì tijú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ẹ̀gbọ́n mi gbé èédú dé. "Òtútù ló pa ti ìjọ́sí, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Fi kún un."

Mo wo àwọn òròmọdìẹ. Wọ́n ti sá fún ìkòkò, wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ọgbà tí a fi yí wọn ká, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹ́ apá wọn sì rọ̀ wálẹ̀. Mo fi àkísà gbé ìkòkò kan jáde.

"Wọ́n á kú o!"

"Bí wọ́n bá kú, yàrá tèmi ni wọ́n máa gbà, sà. Kì í ṣe tiyín."

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí wọn láràárọ̀, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin ń parí lọ, ìyẹ́ ti bò wọ́n, mẹ́tàlélógún sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ti tó wọn. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, baálé ilé ti mọ́sálásí dé, àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì wọ yàrá wá wo àwọn adìẹ. Bàbá, ìyẹn baálé ilé, dúró níwájú ìṣó, wọ́n ń wá tẹmọ́mítà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n kó agbádá jọ, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sì lóṣòó. Àwọn adìẹ sáré wá, wọ́n ń ṣá tẹ̀sùbáà ọwọ́ Bàbá jẹ. Bàbá wò wọ́n, wọ́n wo tẹmọ́mítà nílẹ̀, wọ́n tún gbójú sókè wo ìṣó. Wọ́n dìde.

"Ẹ fa ìṣó yẹn yọ," Bàbá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Rárá, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ká máa rí i. Òun ló pa ti àkọ́kọ́."