Owó Ìdágbére àti Oko Kòkó

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ pákó kan ní Ìkéré dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n fún Fọláhàn lówó ìdágbére. Òórùn igi tútù ṣì ń wá sí i lọ́kàn láràárọ̀. Ó ní gbogbo owó náà lòun yóò fi tún gbin oko kòkó bàbá òun.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní: "Bàbá Ìyanu, kòkó á tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so. Kí la máa jẹ nínú ulé yìí?"

Wọ́n fi owó oúnjẹ ọdún kan pamọ́ sí báńkì. Èyí tó kù ni wọ́n fi gbin ìdajì oko náà, wọ́n sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó.

Lọ́dún kejì, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́. Fọláhàn jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ lóko.