Iṣu Ìyá Mi àti Ibi Tí Ìlà Méjì Ti Pàdé

Àwọn ará ilé wa ti sọ ìtàn bí mo ṣe di kápútéènì títí, wọ́n sì ń fi iyọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní Lánlátẹ̀, wọ́n ní mo já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní Igbó-Ọrà, wọ́n ní iṣu ló bẹ́ nínú ẹ́ńjìnì. Èmi tí ọ̀rọ̀ ṣojú mi kò tilẹ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà lágbègbè wa tẹ́ pápá ilẹ̀ pupa kan sáàárín Ẹ̀rúwà àti Lánlátẹ̀, kí bàálù ẹlẹ́ńjìnì méjì lè máa gbé àwọn ẹnjiníà wọn wá láti Èkó. Igbákejì awakọ̀ ni mí nínú bàálù náà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé mi sí àga òsì, àga ọ̀gá, kí ọ̀gá mi lè jókòó lọ́tùn-ún kó máa dán mi wò. Bí mo bá yege, mo di kápútéènì. Bí n kò bá yege, màá máa bá ẹlòmíràn gbé báàgì rẹ̀ títí di ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá yìí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń bí ọmọ kan ṣoṣo ní Ìbàràpá, òun rò pé méjì-méjì ni gbogbo wa ń wá. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, ẹnì kejì mi ló ń wa bàálù lọ́jọ́ tí ara mi kò bá yá.

Nígbà tí oòrùn ti mú, tí a fẹ́ padà sí Èkó, ó tẹ́ ìwé ìṣirò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù, ó ní kí n wí tẹnu mi. Mo wí i. Bí ẹ́ńjìnì kan bá kú nígbà tí bàálù ń sáré láti gbéra, ohun méjì ló kù: kí a dúró, tàbí kí a máa lọ. Kò sí àyè àtirò ó nígbà náà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti yan ìyára kan sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú kí a tó dé ìyára yẹn, a ó dúró. Bí a bá ti dé e, lílọ ni, ibi yòówù kó já sí. Ìyára ìpinnu nìyẹn.

Ó ní báwo la ṣe ń yàn án. Mo fi ìka tọ ìlà kìíní lórí ìwé: èyí ni iye pápá tí a ó jẹ bí a bá fi ẹ́ńjìnì méjèèjì sáré dé ìyára náà, tí ọ̀kan kú, tí a tẹ bíréèkì títí a fi dúró. Bí ìyára tí a yàn bá ṣe ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlà yìí ń gùn sí i. Ìlà kejì ni iye tí a ó jẹ bí ọ̀kan bá kú ní ìyára kan náà, tí a fi èyí tó kù sáré lọ, tí a gbéra, tí a sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì. Ìyẹn ní tirẹ̀ ń kúrú bí ìyára ṣe ń ga, nítorí ẹ́ńjìnì méjì ti bá wa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n á sì pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ìdúró àti lílọ ń jẹ iye pápá kan náà. Iye yẹn ni pápá wa kò gbọdọ̀ kéré sí, ìyára tó bọ́ síbẹ̀ la sì ń lò.

"Kí ló ń mú kí iye náà gùn?"

"Ẹrù, sà, àti ooru."

Ooru ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Mo ro epo, mo ro àwọn ẹnjiníà àti àpótí wọn, iye tó jáde sì bá gígùn pápá mu gẹ́lẹ́. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi dé pẹ̀lú àwọn obìnrin agboolé wa, iṣu àti àpò láfún lórí wọn. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ mi, ọ̀gá mi sì ń gbádùn rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé bàálù ò lè gbé ẹrù kankan mọ́ lónìí. Wọ́n wo bàálù, wọ́n wo iṣu, wọ́n ní ó dáa. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà mí, nítorí ìyá mi kì í gbà pé ó dáa kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń kó ẹrù sí ẹ̀yìn bàálù, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Bí mo ṣe ń yí bàálù ká tí mò ń wo táyà, ìyá mi ti bá a sọ̀rọ̀. Nílé wa, ọmọ kì í ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, àbí kí ni aráyé yóò wí?

A sáré. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí ọ̀pá méjì tó ń fún ẹ́ńjìnì lágbára, ọ̀gá mi ló ń wo ìyára, tó sì máa ké nígbà tí a bá dé ti ìpinnu, kí n lè gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Àgbá funfun tí a fi ń sàmì ní ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Ó dà bíi pé ara bàálù ń wúwo, bí ẹni tó jẹun yó tó ń gun òkè. Ọ̀gá mi kò tíì ké. Inú mi ń dùn, ẹ ò lè mọ bí inú ènìyàn ṣe ń dùn lórí àga yẹn.

Ẹ́ńjìnì òsì kú.

Imú bàálù fà sí òsì. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ padà, mo fa ọ̀pá méjèèjì sẹ́yìn, mo sì tẹ bíréèkì bí ẹni tẹ ejò mọ́lẹ̀. Koríko tó wà ní ìparí pápá ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá dúró lẹ́bàá imú wa. Eruku pupa bò wá. Kò sí ẹni tó farapa.

Ọ̀gá mi wo koríko, ó wo ìwé ìṣirò. A kò tíì dé ìyára ìpinnu, ó sì yẹ kí pápá ṣẹ́kù dáadáa níwájú wa. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹrù, iṣu kan sì yí jáde bọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi ti sáré dé, gèlè lọ́wọ́.

"Màmá, ta ló ni iṣu yìí?"

"Ọmọ mi ló ni ín, ọ̀gá. Àti ẹ̀yin náà. Tiyín ló wà nísàlẹ̀."

Ó kọjú sí mi, ó ní kí n ṣàlàyé fún wọn. Mo ní kí ìyá mi rántí kòtò ẹ̀yìn ilé wa, tí a máa ń sáré fò ní kékeré. Ibì kan wà kí èèyàn tó dé etí kòtò: títí dé ibẹ̀, a ṣì lè dúró, láti ibẹ̀ lọ, fífò nìkan ló kù. Ẹ wá gbé iṣu lé ẹni tó ń sáré náà lórí láìsọ fún un. Yóò ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, nítorí ẹrù ń tì í. Yóò sì nílò eré púpọ̀ sí i kó tó lè fò. Àárín méjèèjì ti wá di ibi tí kò lè dúró, tí kò sì lè fò. Ká ní ẹ́ńjìnì pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kú, ibẹ̀ ni à bá wà.

Ìyá mi jókòó sórí àpò láfún. "O ní ẹrù ti pọ̀ ni. O ò sọ fún mi pé kòtò ni."

Páìpù epo ẹ́ńjìnì òsì ló yọ. Àwọn ẹnjiníà gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ, a sì ń sùn nílé wa ní Ẹ̀rúwà títí mẹkáníìkì fi wá tún un ṣe. Ọ̀gá mi jẹ láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa nílé wa, ó bú Ìbàràpá, ó tún bu láfún kún tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ìdánwò mi. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú òjò.

Lọ́jọ́ tí a máa lọ, mo tún ìṣirò náà ṣe. Ìyá mi sì ti ṣáájú wa dé pápá, wọ́n gbé àpótí ìjókòó síwájú ilẹ̀kùn ẹrù, wọ́n sì jókòó. Ọmọ àbúrò bàbá mi kò lè súnmọ́ ibẹ̀. Ọ̀gá mi gbé àpò láfún tó rà lọ́jà Ẹ̀rúwà dé.

"Kò wọlé, ọ̀gá."

Ó ní òun ni ọ̀gá bàálù. Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, àmọ́ kòtò yẹn, ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin lọ̀gá?" Ọ̀gá mi bẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Ìjẹ̀bú búra. Ìyá mi kò tilẹ̀ mira.

Ó wá yíjú sí mi, àpò lọ́wọ́, eruku láfún láyà.

"Kápútéènì," ó ní, "ẹ bá mi bẹ ìyá yín."

N kò bẹ̀ wọ́n.