Gbólóhùn Orí Pátákó Mi

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, síbẹ̀ èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ aṣọ́bodè ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Mo ní kí akọ̀wé mi, ará Èkìtì tó gboyè, kọ gbólóhùn kan fún pátákó wa. Tí kò bá dáa, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Ó kọ ọ́ pé: "Àwa la dára jù lọ."

Mo kà á sókè fáwọn ejẹ́ńtì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo ní: "Ọ̀lẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa lódìkejì títì náà lè gbé èyí kọ́. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú akọ̀wé náà.

Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, kí là ń ṣe táwọn yòókù kì í ṣe?"

"À ń pe ẹlẹ́rù lórí fóònù níbi gbogbo tí aṣọ́bodè bá ti dá ọkọ̀ dúró."

Ó wá kọ ọ́ pé: "Ibi tí ẹrù yín bá dé, ẹ ó gbọ́."

Mo gbé e kọ́. Àwọn oníbàárà ń yin ọpọlọ mi, mo sì lé akọ̀wé náà lọ kó tó sọ fún wọn pé òun ló kọ ọ́.