Ilẹ̀kùn Méjì Tí Mo Pè Ní Ọ̀kan

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ kí n tètè jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ara mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Aránṣọ ni. Kòyẹ̀ làwọn oníbàárà ń pè é, nítorí bó bá ti dá ọjọ́ fún èèyàn, ọjọ́ náà kì í yẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ àwọn aránṣọ. "Ẹ padà wá lọ́la" ni orin ẹnu wọn. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní aago méjì ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá ní aago méjì, ẹ máa bá aṣọ yín lórí ìkọ́, ó ti fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ó ti já gbogbo òwú ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá wa bá ní kó dúró síbì kan, ibẹ̀ ni yóò wà títí wọn yóò fi rántí rẹ̀. Èmi ni alágídí, èmi ni ẹnu mi mú bí abẹ. Èmi yìí náà ni mo wá di apòògùn, tí mo ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé ní ọsibítù, tí mo ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún àwọn èèyàn. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé e ṣubú, nínú kíláàsì, lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà gbìyànjú oògùn méjì kí wọ́n tó rí èyí tó bá a lára mu, kabamasepíìnì, láàárọ̀ àti lálẹ́. Inú agolo bọ́tìnnì ló ń kó o sí. Ó gbé e mì, ó kọ́ iṣẹ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ́kọ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wárápá kò fi yọjú sí i mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní in.

Lọ́dún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ kú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni Kòyẹ̀ yẹ ọjọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo dé ilé rẹ̀, mo bá aṣọ lórí máṣíìnì, ó ti bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà téèyàn bo òkú. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹun, kò wẹ̀, kò sunkún. Mo pariwo mọ́ ọn ná, torí bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà mí. Nígbà tó yá mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní ìbànújẹ́ náà ti di àìsàn, ó sì fi oògùn kan kún ti tẹ́lẹ̀, kápúsù kan láràárọ̀. Ó kọ méjèèjì sínú ìwé, ó ní kó máa lọ gbà á lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà lẹ́nu fèrèsé. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti bá ọkùnrin kan jà torí pé ó ń kan fèrèsé. Àbúrò mi na ìwé sí mi, mo kó oògùn fún un. Ó wo kápúsù náà títí.

Ó ní, "Àǹtí mi, kí ni èyí ń ṣe tí ti tẹ́lẹ̀ kò ṣe?"

Mo ní, "Àwọn méjèèjì, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì nínú ọpọlọ. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Jọ̀ọ́ máa lọ, èrò wà lẹ́yìn ẹ."

Ó dúpẹ́, ó lọ. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ì bá sàn ká ní mi ò mọ̀ ọ́n. Nínú ọpọlọ, iṣan kan kò fara kan èkejì, àlàfo tín-ín-rín ló wà láàárín wọn. Bí iná tín-ín-rín bíi ti ẹ̀lẹ́tíríìkì tí iṣan fi ń ránṣẹ́ bá gba ara iṣan kìíní dé etí àlàfo náà, iṣan yẹn á tú èròjà kan sílẹ̀, èròjà náà á ré kọjá lọ jíṣẹ́ fún iṣan kejì. Kí iná tó lè rìn rárá, àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké ara iṣan gbọ́dọ̀ ṣí, kí sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ rọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ẹnu ọ̀nà á padé fúnra rẹ̀, á sinmi díẹ̀ kó tó tún lè ṣí. Inú ìsinmi yẹn ni kabamasepíìnì ti ń dì í mú kó pẹ́ sí i. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ń ta léraléra bí ti wárápá ló máa bá ẹnu ọ̀nà ní títì. Iná tó ń dé etí àlàfo á dínkù, èròjà tó ń tú jáde á dínkù.

Kápúsù yẹn kò bá ọ̀ràn iyọ̀ wá. Sẹrotóníìnì ni èròjà tirẹ̀. Bí iṣan bá ti tú u sínú àlàfo, iṣan tó tú u náà ló tún máa ń fà á padà sínú. Ojú ibi tó ń gbà fà á ni kápúsù ń dí, kí sẹrotóníìnì lè pẹ́ nínú àlàfo kó sì pọ̀ níbẹ̀. Oògùn kan ń dín ohun tó ń jáde kù, èkejì ń jẹ́ kí ohun tó ti jáde pẹ́ níta. Ọ̀kan kò lè gbaṣẹ́ èkejì ṣe. Ìṣẹ́jú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí máa gbà, èmi sì ṣahun ìṣẹ́jú méjì sí ọmọ ìyá mi.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, àbúrò mi dìde. Ó ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì, ó ní kí àwọn oníbàárà máa bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra òwú aláràbarà fún un. Nígbà tó tún wá gba oògùn, ó ní, "Ti tuntun nìkan ni kẹ́ ẹ fún mi." Mo rò pé ti tẹ́lẹ̀ ṣì kù nílé. Mi ò béèrè. Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, mo fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ kọ́là ẹ̀wù kan lọ́wọ́ ọ̀sán nígbà tí wárápá gbé e. Ó ṣubú, áyọ́ọ̀nù ṣubú tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ títí oníbàárà kan fi wọlé.

Mo sáré dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ti di ọwọ́ náà ní báńdéèjì títí dé ìgúnpá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà dúró tì mí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Mà, ó jọ pé oògùn ìbànújẹ́ yẹn ló fà á. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn kan. Mo bi í léèrè, ó ní òun ò pa kabamasepíìnì jẹ rí. Mo fẹ́ yọ kápúsù kúrò, kí n sì fi kún kabamasepíìnì."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí díẹ̀."

Mo lọ sí ilé oògùn, mo ṣí rẹ́jísítà. Ìkọ̀wé mi rèé, ó hàn gbangba. Oṣù àkọ́kọ́, oògùn méjì. Oṣù kejì, ẹyọ kan. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó máa ṣí ojú ewé yẹn àfèmi. Àbúrò mi ti sọ tirẹ̀, dókítà ti rí ẹni tó máa dá lẹ́bi, kápúsù kò sì lẹ́nu láti gbèjà ara rẹ̀. Ojú ti mí lónìí pé mo jókòó ro ìyẹn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ògiri tí àbúrò mi kọjú sí kí kápúsù tó gbé e dìde.

Mo gbé rẹ́jísítà padà sí wọ́ọ̀dù, mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

"O ò lo ti wárápá."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ro ó pé ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé èyí mì, tuntun yìí sì ń ti ilẹ̀kùn kan náà, ara mi sì yá. Abẹ́rẹ́ méjì kò kúkú lè gba ihò kan náà lára aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Kí ló dé tí o fi purọ́ fún dókítà?"

"Tí mo bá ní mo dá a dúró, á bi mí pé ta ló sọ fún mi."

Mo gbá rẹ́jísítà mọ́ àyà, mo lọ bá dókítà lójú àwọn nọ́ọ̀sì, mo ṣí i síwájú rẹ̀, mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo sọ fún un pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ má yọ kápúsù rẹ̀." Ó ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò bú mi, ó sì dùn mí pé kò bú mi. Ó ní ká ní òun fi kún kabamasepíìnì ni, ara tí kò lo ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì ni òun ì bá da oògùn púpọ̀ lé lórí. Ó fi kápúsù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ èkejì padà láti orí ìwọ̀n kékeré. Ó ní dandan ni kí ọ̀rọ̀ mi wọ ìwé, mo ní kó kọ ọ́.

Awọ ọwọ́ náà jinná, àmọ́ ìka méjì kò lè ká tán mọ́. Ó ń ránṣọ síbẹ̀, ó kàn ń dá ọjọ́ tó jìnnà sí i fún wọn ni.

Lọ́jọ́ tó kúrò ní ọsibítù, mo tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ní, "Ẹ tún un sọ fún mi, àmọ́ ẹ má kánjú."

Mo ní, "Tí máṣíìnì rẹ bá ń sáré tí kò fẹ́ dúró, o máa fọwọ́ di táyà rẹ̀ mú, àbí? Ìránṣọ jẹ́jẹ́ á ṣì máa lọ. Ti wárápá nìyẹn. Ìkejì wá dà bí ìgbà tí o na aṣọ sí oníbàárà, kó tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, o ti fà á padà. Kápúsù ló di ọwọ́ tó ń fà á padà yẹn mú, kí aṣọ lè pẹ́ níwájú oníbàárà."

Ó ronú sí i. "Ìyẹn ni pé ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

"Ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí ló dé tí o ò tún bi mí lọ́jọ́ yẹn?"

"Tí mo bá tún bi yín, ṣé ẹ ò ní bínú?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà wá sí mi lójú, àti ohùn mi.

Mo ní, "Màá bínú."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi béèrè nìyẹn." Ó fi ọwọ́ tó dá ṣí agolo bọ́tìnnì, ó mú oògùn kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ní kí n bá òun bu omi.