Orúkọ Ẹ́síteètì Olúsànyà

Lórí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi, Olúsànyà, kẹ́yìn: "Ìyá Tóyọ̀sí, ní kí ẹni tó ń kọ pátákó orúkọ dúró dè mí. Mo ti rí orúkọ tí a ó sọ ẹ́síteètì wa." Kò délé wá sọ ọ́ mọ́.

Pákó ló ń tà ní àdúgbò Japara kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tí yóò tà fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Oko Àparò. Géètì ńlá ló kọ́kọ́ kọ́, torí òun ni oníbàárà ń kọ́kọ́ rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Ayọ̀ọlá tó ń bá wa wá oníbàárà dé bá mi lẹ́nu géètì ẹ́síteètì náà. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká pè é ní Royal Fortress. Ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò ra ilé ní Oko Àparò?"

"Kí ni Fọ́tírẹ́ẹ̀sì?"

"Odi agbára ni, mọ́mì. Ọkàn wọn á balẹ̀."

Ewúrẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ géètì wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó ṣílẹ̀kùn.

"Ewúrẹ́ yìí ò tíì gbọ́ orúkọ yẹn," ni mo wí. "Mọ odi ná, kó o tó pè é lódi."

"Dádì ì bá ti gbà."

Òótọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù pákó rẹ̀ tó ń jò, Ààfin ló pè é.

A ti kun géètì ní funfun. A ò tíì mọ odi, a ò sì tíì kọ orúkọ kankan sí i.