Lẹ́tà Tí Mo Fi Kúrò Lábẹ́ Mọ́mì

Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn ò bí ẹnì kankan nínú wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, àwọn sì ni alábòójútó mi látìgbà tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ní yunifásítì wa, ẹni tó bá ń ṣe oyè yìí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lásán lọ́wọ́ alábòójútó rẹ̀, ọmọ ilé ló ń dà. Mo ti bá Mọ́mì máàkì ìwé ìdánwò, mo ti bá wọn lọ mú ọmọ-ọmọ wọn nílé ìwé. Bí a bá sì ti pa àgbò Iléyá nílé wa ní Ìfàkò, itan ti Mọ́mì ni màmá mi máa ń kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni Mọ́mì ń lọ. Kò sẹ́ni tó fi tipá mú wa. Mo fẹ́ràn wọn ni.

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì àti ọṣẹ láwọn iléeṣẹ́ Orégùn, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ nígbà tí iṣẹ́ òru bá kàn wọ́n. Láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde, mo ti wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú fóònù tí mo fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọn kì í lè dúró. Oorun wà lójú wọn, ọmọ sì ń retí wọn nílé. Ńṣe ni mo máa ń bá wọn rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ká máa sọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fọkàn tán mi. Orí kẹrin ìwé mi ni ọ̀rọ̀ wọn wà, orí kẹrin yẹn sì ti wà lọ́dọ̀ Mọ́mì tipẹ́tipẹ́. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Mo ń kà á lọ, ọmọ mi. Ṣe sùúrù."

Mo ṣe sùúrù. Irú sùúrù tí wọ́n ń fi se òkúta, tí wọ́n ní a óò mu omi rẹ̀, mo ṣe é.

Ilé ìtura kan ní GRA Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe àpérò tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́. Èmi ni mo gbé báàgì Mọ́mì wọlé, èmi ni mo bá wọn tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwòrán kan yọ lára ògiri: àwọn obìnrin tó ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ lẹ́nu géètì. Èmi ni mo ya àwòrán náà. Bàtà mi tiẹ̀ yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, bàtà pupa tí okùn rẹ̀ já tí mo fi okùn dúdú so. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sọ fún mi lójú ọ̀nà: "Ọmọ mi mọ ohùn mi lórí fóònù ju bó ṣe mọ ojú mi lọ." Mọ́mì ní àwọn làwọn gbọ́ ọ. Orúkọ wọn àti ti olùkọ́ kan tí kò mọ ọ̀nà Orégùn ló wà lókè àwòrán náà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Nínú mọ́tò Mọ́mì, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Mọ́mì, ẹ ò dárúkọ mi mà."

"Ṣé ọmọ kì í jẹ́ orúkọ òbí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tìẹ náà ń bọ̀. Àmọ́ wá nǹkan míì fi sí chapter four yẹn o. Èyí ti wà nínú jọ́nà ìwádìí, wọ́n ti gbé e jáde. Tó o bá tún kọ ọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ tí wọ́n jí kọ á sọ pé ìwọ lo jí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àwòrán lọ. Wọ́n mú ohun tó jẹ́ tèmi, wọ́n wá ń kìlọ̀ fún mi kí wọ́n má baà mú mi lólè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka wa, ọkùnrin, tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dáadáa. Ó wà ní àpérò náà. N óò máa pè é ní "ó" nínú ohun tí mò ń kọ yìí, torí "wọ́n" ti tán lẹ́nu mi fún un. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "Mo rí bàtà ẹ nínú àwòrán yẹn." Mo bú sẹ́kún. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí i.

"Kọ lẹ́tà sí HOD," ó ní. "Sọ pé o fẹ́ pààrọ̀ supervisor. Èmi á gbà ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ́ látòní."

Mo ti lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, ìyẹn PG, ó sì ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo máa kọ ìdí tí mo fi fẹ́ kúrò, wọ́n máa fi ẹ̀dà lẹ́tà náà han ẹni tí mò ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè fèsì, ẹni tí mò ń lọ bá sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Mo sọ eléyìí fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó bojú wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó fún ẹ? Àgbà bíi tèmi?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Níbo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tí n óò ti sọ fún àgbàlagbà pé ohun tó sọ ò tíì tó, àfi kó fọwọ́ sí i? Mo pinnu láti fi lẹ́tà tèmi ránṣẹ́ láìsí ìwé tiẹ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti gbà.

Kíkọ lẹ́tà yẹn kò rọrùn. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì nínú rẹ̀. Mo ní mò ń fẹ́ kí àbójútó tó wà láàárín wa dópin, kí wọ́n fi mí sábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kejì, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ pé èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ orí kẹrin jọ. Mo tẹ ẹ̀dà méjì. Akọ̀wé ẹ̀ka wa lu òǹtẹ̀ mọ́ tèmi, ó rọra ní, "Aunty, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Kí n tó délé, wọ́n ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn ọmọ Mọ́mì. Àwọn tá a jọ ń máàkì ìwé ò kí mi mọ́. Màmá mi pàápàá bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Lọ bẹ̀ wọ́n." Mo ní mi ò bẹ ẹnì kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ pé òun wà lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka jókòó lórí lẹ́tà mi, mo wà lórí bẹ́ǹṣì níta títí wọ́n fi pè mí. Mọ́mì ti bọ́ síta torí pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni; wọ́n kọjá lára mi láìwojú mi. Olórí ẹ̀ka ka lẹ́tà mi sókè. Ó kọjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, tóun náà wà lára ìgbìmọ̀.

"Prof, ó ní ẹ ti gba òun. A ò rí ìwé yín níbí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mi ò rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọbìnrin yìí ni pé kó lọ tọrọ àforíjì."

Mo wò ó, kò wò mí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ti Mọ́mì, mo ṣì lè sọ pé ojúkòkòrò ni. Èyí, ó rí bàtà mi, ó rí ẹkún mi, ó fi ẹnu ara rẹ̀ rán mi níṣẹ́, ó wá sọ pé òun ò rán mi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ìbò olórí fákọ́tì, ìyẹn dean, ń bọ̀, ó fẹ́ dupò, ìbò Mọ́mì àti tàwọn ọ̀rẹ́ wọn sì wúlò fún un.

Wọ́n ka èsì Mọ́mì: àwọn ò mú ẹnikẹ́ni nígbèkùn, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ka ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn, kì í ṣe tèmi. Báyìí ni àbójútó ti àtijọ́ dópin tí tuntun ò sì bẹ̀rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ní wọn ò lè fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láìní alábòójútó, àwọn máa yan ẹlòmíì fún mi. Ní ti orí kẹrin, kí n kó àwọn ohùn tí mo gbà sílẹ̀ wá kí ìgbìmọ̀ mìíràn gbọ́ wọn. Mo kó wọn wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń gbọ́ wọn.

Ìbò kọjá, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì wọlé. Láìpẹ́, lẹ́tà dé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà pé wọ́n ti fọwọ́ sí àyípadà náà. Mo wá orúkọ alábòójútó mi tuntun. Òun ni. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíì ní ẹ̀ka tó mọ iṣẹ́ mi tó o.

Ó pè mí. Ó ti wà ní ọ́fíìsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ṣé o rí i pé mo gbà ẹ́?" ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní mo jí ọmọ ọlọ́mọ. Jókòó. Máa pè mí ní Dádì."

Mi ò jókòó. Mo yọ ìwé kan tí mo ti tẹ̀ sílẹ̀: pé ó gbà láti jẹ́ alábòójútó mi, pé á máa dá orí ìwé mi padà pẹ̀lú èsì kí oṣù kan tó pé, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Orégùn láìsí orúkọ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, torí pé a kọ́ mi nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wa ti wá tó báyìí?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀ sà."

Ó mú bírò. Nígbà tó fọwọ́ sí i tán, mo ní, "Ẹ ṣé sà," mo ká ìwé náà sínú báàgì, mo jókòó.

Nígbà Iléyá tó tẹ̀ lé e, màmá mi yọ itan àgbò sọ́tọ̀ bí ìṣe wọn. Wọ́n dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ṣé Dádì tuntun yìí ni ká gbé e lọ fún?" Mo ní rárá, ilé wa la ó ti jẹ ẹ́. A sè é, ó rọ̀ dáadáa. Mo fi sẹ́nu. Mọ́mì ni mo ń rò. Wọ́n fẹ́ràn itan.